Ìwé pélébé fún àwọn tó ń lo Dáónílì: ohun tí ojú mi rí

Apòògùn ni mí, Ìlọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kan tí kò tóbi. Ọjọ́ tí àwọn oníṣúgà bá ń wá gba oògùn, àga máa ń tán, àwọn mìíràn á lọ jókòó sórí pèpéle níta. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo gilibẹnkilamáìdì, kóró kékeré oní-mílígíráàmù 5 tí gbogbo wọn mọ̀ sí Dáónílì. Dókítà àgbà wa ló ní kí n kọ ìwé pélébé kan lédè Yorùbá tí a ó máa fi lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú oògùn náà. Ó ní kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ, iwájú àti ẹ̀yìn.

Ohun tó fa iṣẹ́ náà kò dùn. Nínú Ààwẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n gbé ìyá kan wá bá wa nírọ̀lẹ́, kò mọ ibi tó wà mọ́. Láti ọ̀sán ló ti ń làágùn tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Àwọn ọmọ rẹ̀ rí i, wọ́n sọ pé ṣúgà ló ti ga, wọ́n bá fún ewúro, wọ́n fún un mu. Nígbà tí a gún ìka rẹ̀, ohun tó wà lójú ẹ̀rọ kò tó 40: ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù ni, kò ga. Ọlọ́run kó o yọ, ó lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì lọ sílé. Ìwé tó wá nínú páálí oògùn náà wà nínú báàgì rẹ̀, ó ká bí wọ́n ṣe ká a ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò ṣí i rí.

Mo ń kọ ìrírí yìí nítorí pé mo mọ̀ pé àwọn apòògùn àti nọ́ọ̀sì kan ní Ọ̀fà, ní Òmù-Àrán àti níbòmíràn ń gbé irú iṣẹ́ yìí lé ara wọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti le.

Ìwé àlàyé oògùn tí wọ́n ṣe fún àwa òṣìṣẹ́ ìlera ní ètò tirẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pín in: ní 4.1 lẹ ó ti rí àrùn tí oògùn náà wà fún, ní 4.2 ìwọ̀n rẹ̀, ní 4.3 àwọn tí kò gbọdọ̀ lò ó, ní 4.4 ìkìlọ̀, ní 4.5 àwọn oògùn tí kì í bá a rẹ́. Àwọn ohun tí oògùn lè dá sílẹ̀ lára wà ní 4.8, ohun tí a ó ṣe bí ó bá pọ̀ jù sì wà ní 4.9. Ètò yìí dára fún dókítà tó ń wá ohun kan pàtó. Ètò náà ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ lé, mo ń mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, mo ń sọ ọ́ di Yorùbá tó rọrùn. Nígbà tí mo parí, èdè náà rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé dókítà náà ni. Ẹni tó ń làágùn ní aago mẹ́ta ọ̀sán yóò ka ìtàn àrùn ṣúgà, ìwọ̀n oògùn, ọ̀rọ̀ aboyún àti orúkọ oògùn rẹpẹtẹ kó tó kan ohun tó ń ṣe é.

Mo gbé e lọ bá àwọn aláìsàn lórí pèpéle. Mi ò bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Ẹni tó ń retí oògùn lọ́wọ́ ẹ kò ní sọ fún ẹ pé kò yé òun. "Ó yé mi dáadáa, Ọlọ́run á fún yín ṣe" lẹ ó máa gbọ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo jẹ́ kí wọ́n kà á, mo wá ro nǹkan kan fún wọn: "Bàbá, ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, ẹ ò tíì jẹun, òógùn wá dédé bò yín, ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Kí lẹ máa ṣe?"

Bàbá kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà-Ọba, tó kàwé, tó sì ti ka ìwé mi tán lójú mi, dá mi lóhùn pé, "Màá fi Dáónílì kan lé e ni. Ṣúgà yẹn ló tún gbé ìjà rẹ̀ dé."

Àyà mi já. Ohun tó lè pa á ló sọ yẹn, lẹ́yìn tó ka ìwé tí mo kọ tán ló sì sọ ọ́. Mo bi àwọn mìíràn léèrè. Àwọn kan ní àwọn á sùn díẹ̀, àwọn kan ní àwọn á mu omi tútù. Ìyá kan ní òun á lọ jẹ àmàlà. Òun ló sún mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n àmàlà kì í tètè di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tó bá wà nínú wàhálà yẹn kò sì lè dúró dè é.

Mo jókòó ti ìwé náà, mo wá ohun tó ṣi bàbá yẹn lọ́nà. Àwọn àmì tí mo kọ pé ṣúgà ti lọ sílẹ̀ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ wọn, ní ojú ìwé kan náà, mo tún kọ àwọn àmì pé ṣúgà ti ga: òǹgbẹ, ìtọ̀ lemọ́lemọ́, àárẹ̀. Lójú ẹni tí wọ́n ti ń sọ fún láti ọdún pípẹ́ pé ṣúgà ni ọ̀tá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀kan: ṣúgà ń dà mí láàmú, kí n lo oògùn ṣúgà. Ẹ tún wò ó, ìwé náà sọ àmì níbì kan, ó wá sọ ohun tí wọ́n á ṣe níbòmíràn. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò rí ṣúgà tó mọ́ kò ní ráyè máa so ibi kan pọ̀ mọ́ ibi kejì.

Bí mo ṣe tún un kọ nìyí. Mo kó ọ̀rọ̀ ṣúgà tó ga lọ sí ẹ̀yìn ìwé, mo fún un ní àkọlé tirẹ̀. Iwájú ìwé di ti ṣúgà tó lọ sílẹ̀ nìkan. Kí n tó sọ àmì kankan, mo sọ ohun tí oògùn náà ń ṣe ní gbólóhùn méjì: Dáónílì ń mú kí ara yín tú ínsúlíìnì jáde, ínsúlíìnì ló sì ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Yálà ẹ jẹun tàbí ẹ kò jẹun, oògùn náà á ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí gbólóhùn kejì yìí bá wọ̀ létí kò nílò àlàyé púpọ̀ mọ́ lórí ìdí tí kò fi yẹ kó lo oògùn kó máà jẹun. Lẹ́yìn èyí ni mo wá kọ ọ́ báyìí:

"Bí ẹ bá dédé ń làágùn, tí ebi ń pa yín gan-an, tí ọwọ́ yín ń gbọ̀n, tí àyà yín ń lù kìkì, tí ojú yín ń ṣú tàbí tí ẹ ń sọ ìsọkúsọ, ṣúgà ara yín ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ MÁ lo Dáónílì. Ẹ mu ṣúgà lójú ẹsẹ̀. Ẹ po ṣíbí ìpotíì 4 ṣúgà mọ́ ìlàjì kọ́ọ̀bù omi, kí ẹ mu ún tán, tàbí kí ẹ mu ìlàjì ìgò ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá tíì lọ, ẹ tún un ṣe. Bí ara bá ti balẹ̀, ẹ jẹun. Lẹ́yìn náà, ẹ wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, bí ara yín tilẹ̀ ti yá."

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà lẹ́yìn àwọn gbólóhùn yẹn tí ẹni tó ń kà á kò ní mọ̀. Kì í ṣe bó ṣe bọ́ sí mi lẹ́nu ni mo ṣe fi òógùn ṣáájú. Àwọn kan nínú àwọn aláìsàn wa ń lo purópùránólọ́ọ̀lì nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí nítorí ọkàn wọn. Oògùn yẹn máa ń bo ọwọ́ gbígbọ̀n àti àyà lílù mọ́lẹ̀, ẹni náà kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n kì í bo òógùn. Bí àmì kan ṣoṣo bá ṣẹ́ kù fún un, òógùn ni, nítorí náà òun ni mo fi ṣe àkọ́kọ́.

Ṣíbí ìpotíì 4 náà ní ìṣirò nínú. Gíráàmù 15 sí 20 ṣúgà ni wọ́n ń fún ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn. Ṣíbí ìpotíì kan tí kò ga lórí jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 4. Ṣé mo lè wá kọ "gíráàmù 15" sínú ìwé fún ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ìpàta? Ní ti ẹlẹ́rìndòdò, a fi "tó ní ṣúgà" kún un nígbà tí ọmọkùnrin kan sọ fún wa pé èyí tí kò ní ṣúgà ni òun máa ń rà fún bàbá òun, kí àìsàn bàbá má bàa le. Ó dára fún ọjọ́ gbogbo, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ṣúgà bá já sílẹ̀, omi lásán ni.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn, pé kí wọ́n wá bí ara tilẹ̀ ti yá, ni àwọn èèyàn ń bá wa jiyàn lé lórí jù. Inú 4.9 ni mo ti mú un. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ṣúgà lè padà lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti dìde. Dáónílì kì í tètè kúrò lára. Iṣẹ́ rẹ̀ lè tó wákàtí 24, nínú àgbàlagbà tàbí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dáa ó tún lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣúgà tí èèyàn mu á tán, oògùn á ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ yá nírọ̀lẹ́ tó wá lọ sùn, ojú oorun ni yóò tún ti bá a. A fi ìdí náà kún gbólóhùn yẹn ní ṣókí, "nítorí pé ó lè padà dé lóru", iyàn náà sì dín kù.

Nísàlẹ̀ gbogbo èyí, nínú àpótí tí a fi ìlà nípọn yí ká, ni a kọ tàwọn ará ilé sí: bí ó bá ti dákú tàbí tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má ro ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ dà á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì máa gbé e bọ̀ ní ilé ìwòsàn. Ọmọ ni àpótí yẹn ń bá sọ̀rọ̀, torí ẹni tó dákú kò ní kàwé.

Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó, mo rò pé òun ló máa rọrùn jù. Ìwé àlàyé ní kí wọ́n lò ó pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ tàbí oúnjẹ gidi àkọ́kọ́. Mo kọ "ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀". Gbogbo àwọn oníṣòwò ní báwọn ṣe ń lò ó nìyẹn. Nígbà tí mo ní kí wọ́n ro òwúrọ̀ wọn fún mi látìgbà tí wọ́n bá jí, mo rí i pé lẹ́yìn kírun àsùbáà ni wọ́n ń lo oògùn, nígbà tí omi ṣì wà nítòsí, kí wọ́n má bàa gbàgbé. Wọ́n á dé ọjà, wọ́n á pàtẹ, oníkòókó tàbí alákàrà á tó kọjá nígbà tí oòrùn bá ti là. Ìyẹn náà ni oúnjẹ àárọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ohun tó wà nínú ìwé báyìí ni: "Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ wà níwájú yín kí ẹ tó fi oògùn sẹ́nu. Bí oúnjẹ kò bá tíì sí, ẹ má tíì lò ó. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ lónìí, ẹ má lo ìlọ́po méjì lọ́la." Ìyá kan ti bẹ̀rẹ̀ sí so tirẹ̀ mọ́ ìdí ìró lọ sọ́jà. Mo ní kó rọra, torí ooru àti òógùn ara lè ba kóró náà jẹ́. Kó fi í sínú ike rẹ̀ nínú báàgì.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti Ààwẹ̀. Ẹni tó bá kọ irú ìwé yìí ní Ìlọrin láìdárúkọ Ààwẹ̀, kò kọ nǹkan kan. "Ẹ má fo oúnjẹ" ni mo kọ, gbogbo ẹni tó kà á ló sì gbójú sókè bi mí pé, nígbà Ààwẹ̀ ńkọ́? Kò sí ìdáhùn nínú ìwé àlàyé tó wà lọ́wọ́ mi. Èmi náà kò sì lè jókòó sídìí káńtà kí n máa pín ìwọ̀n oògùn fún gbogbo ayé lórí ìwé, torí ẹni tó ń lo kóró kan lóòjọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ń lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà wa ló pa á láṣẹ pé ìwé náà kò ní sọ bí wọ́n ṣe máa pín oògùn sí sààrì àti ìṣínu. Ohun tí yóò sọ ni pé kí wọ́n wá rí wa láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Rájábù, kí ó tó ku ọ̀sẹ̀ 6, yálà wọ́n rò pé àwọn máa gbààwẹ̀ tàbí wọn kò rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn la máa ń pààrọ̀ oògùn fún nígbà náà, nítorí Dáónílì kì í ṣe oògùn tó rọrùn láti fi gbààwẹ̀.

Mo gbé ìpín yẹn lọ bá àáfà kan ní àdúgbò wa. Ó kà á, ó ní ohun tó dára ni mo kọ, ṣùgbọ́n èèyàn kò ní tìtorí ọ̀rọ̀ apòògùn já ààwẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ìṣínu. Ó ní kí n fi Súrà Bákárà, áyà 184 àti 185 sí i, níbi tí Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san ààwẹ̀ rẹ̀ padà lọ́jọ́ mìíràn. Ó tún ní kí n kọ ọ́ pé gígún ìka láti wo ṣúgà kò ba ààwẹ̀ jẹ́, torí ìyẹn gan-an ló ń dá àwọn kan dúró. Ibẹ̀ kà báyìí: "Bí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ṣúgà yín kò tó 70, tàbí ó ju 300 lọ, tàbí tí ẹ bá rí àwọn àmì tó wà lókè, ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀, kódà bí wọ́n bá ti fẹ́ pe ìrun." Látìgbà tí áyà yẹn ti wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ló ń sọ fún wa pé àwọn ti rí ohun tí àwọn á fi bá ìyá àwọn sọ̀rọ̀.

Ní ti àwọn oògùn tí kì í bá Dáónílì rẹ́, ìwé àlàyé to orúkọ wọn gùn bí okùn ìlẹ̀kẹ̀. Mo bi ara mi pé èwo nínú wọn ni aláìsàn lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ rà. Èyí tí dókítà bá kọ, dókítà ló yẹ kó mọ̀. Sẹ́pítírìn ni mo rí, torí wọ́n ń rà á ní kẹ́míìsì fún inú rírun àti ikọ́, ó sì lè mú kí Dáónílì fa ṣúgà wálẹ̀ jù. Òun nìkan ni mo dárúkọ, pẹ̀lú ọtí líle àti àgbo ṣúgà. Àwọn yòókù wọnú gbólóhùn kan: kí wọ́n mú ìwé yìí dání lọ sí ibikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ ra oògùn.

Àwọn ohun mìíràn tí oògùn náà lè dá sílẹ̀, ẹ̀yà ara ni ìwé àlàyé fi tò wọ́n: ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀, awọ ara, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin kan ka gbogbo rẹ̀ nínú ìwé mi àkọ́kọ́, ó ní òun ò lo oògùn náà mọ́. Kò jẹ̀bi, torí èyí tó ṣọ̀wọ́n gan-an àti èyí tó wọ́pọ̀ ló jókòó pọ̀ síbẹ̀, ìbẹ̀rù kan náà ni wọ́n ń dá sí i lára. Ohun tí èèyàn máa ṣe ni mo wá fi pín wọn. Ẹ wá lónìí: bí ojú yín bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tó ní ibà pọ́njú, bí ìtọ̀ yín bá dúdú, bí ara yín bá sú tó ń yún, tàbí bí ara yín bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń dápá láìjẹ́ pé nǹkan gbá yín. A sọ níbẹ̀ pé àwọn wọ̀nyí kì í wọ́pọ̀. Ẹ sọ fún wa nígbà tí ẹ bá tún wá: èébì tó ń gbé yín, inú tó ń kún, ara tó ń sanra. Kò sí ìpín kẹta.

Nígbà tí ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, a rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn àgbà kì í kà á fúnra wọn. Àwọn kan mọ ànjẹ̀mí ju ábídí lọ, ojú àwọn mìíràn kò ríran dáadáa mọ́. Ọmọ ọmọ wọn tó wà ní girama ló ń kà á sí wọn létí. A ní kí ọmọbìnrin kan kà á sókè fún ìyá rẹ̀ àgbà lójú wa. Ibi tí ọmọ náà bá ti kọsẹ̀, a gé gbólóhùn náà sí méjì. Ibi tí ìyá bá ti ní "tún un kà", a ṣe àtúnṣe. A tún sọ lẹ́tà náà di ńlá, a sì yọ àwòrán kíndìnrín tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó jẹ́.

Ohun kan wà tí ìwé pélébé kò lè tún ṣe. Bí mo ṣe ń ka 4.3 àti 4.4 dáadáa, ó hàn sí mi pé àwọn kan nínú àwọn tí mo ń kọ ọ́ fún kò yẹ kó máa lo oògùn náà rárá, pàápàá àwọn tí kíndìnrín wọn ti rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sì ti kọ ọ́ sínú àkójọ àwọn oògùn kòṣeémánìí rẹ̀ pé gilibẹnkilamáìdì kò yẹ fún ẹni tó ti lé ní ọdún 60; gilikilasáìdì ni wọ́n fẹ́. Mo kó orúkọ àwọn aláìsàn wa tó ti dàgbà fún dókítà, ó sì ti ń pààrọ̀ tiwọn bí wọ́n ṣe ń wá. Bàbá aláṣọ Ọjà-Ọba wà lára wọn. Oògùn rẹ̀ tuntun náà lè fa ṣúgà wálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe é tó Dáónílì, nítorí náà ìwé tirẹ̀ ni mo ń kọ lọ́wọ́ báyìí. Iwájú rẹ̀ kò yí padà púpọ̀, àfi orúkọ oògùn àti bí a ṣe ń lò ó.